Màmá ń ṣunú, wọ́n sì ń bì: èwo nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ni kó sinmi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ti pé ọdún 64. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́ta ni wọ́n ń lò: lisinopírììlì, Modurẹ́tíìkì àti amulodipíìnì. Láti àná ni wọ́n ti ń ṣunú, wọ́n sì ti bì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Dókítà ti kìlọ̀ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ fo oògùn lọ́jọ́ kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká dá gbogbo ẹ̀ dúró, ẹ̀rù rọpárọsẹ̀ sì ń ba èmi. Kí ni ká ṣe láàárọ̀ yìí?

Ìdáhùn: Ẹ pe dókítà wọn tàbí apòògùn tó mọ̀ wọ́n dáadáa láàárọ̀ yìí, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ fẹ́ fi lisinopírììlì àti Modurẹ́tíìkì sílẹ̀ títí inú wọn á fi rọlẹ̀. Bí ẹ ò bá tíì rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ nígbà tí àkókò oògùn tó, ẹ má fún wọn ní méjèèjì. Amulodipíìnì ní ìdájọ́ tirẹ̀, màá dé ibẹ̀.

Dókítà kò purọ́. Ọjọ́ tí ara bá le, tí èèyàn ń jẹ tó ń mu, ni ìkìlọ̀ yẹn wà fún. Lọ́jọ́ tí omi ń jáde lára lókè nísàlẹ̀, ìfúnpá ti ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ibi tí ewu wà sì ti kúrò lọ́pọlọ, ó ti di kíndìnrín.

Ẹ wo ẹni tó ń fi rọ́bà fọ mọ́tò. Bí omi kò bá fi bẹ́ẹ̀ lágbára, á fi àtàǹpàkò fún ẹnu rọ́bà, omi díẹ̀ náà á sì tún máa ta jáde pẹ̀lú agbára. Ohun tí kíndìnrín máa ń ṣe nìyẹn. Nínú rẹ̀, asẹ́ kéékèèké ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé àti òpó tó ń gbà jáde. Bí omi ara bá dín kù, kíndìnrín á fún òpó àbájáde pọ̀, kí agbára tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ má baà lọ. Lisinopírììlì ló ń yọ àtàǹpàkò yẹn kúrò. Lọ́jọ́ tí ara dá, oore ni, torí ó ń dín ẹrù kù lórí asẹ́ náà. Lọ́jọ́ ìgbẹ́ gbuuru, ó ti gba ohun ìjà pàtàkì tí kíndìnrín ní. Modurẹ́tíìkì ní tirẹ̀ ń fi ìtọ̀ da omi nù, nígbà tí ìgbẹ́ àti èébì pẹ̀lú ń dà á nù.

Ẹ̀ka lisinopírììlì pọ̀: ramipírììlì, enalapírììlì, àti gbogbo èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí “-pírììlì”. Ìbátan wọn ni lósátáànì, tẹlimisátáànì àti àwọn yòókù tó parí sí “-sátáànì”. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe lára kíndìnrín. Ẹ tún ka ẹ̀yìn páálí dáadáa, torí àwọn kan wà tó jẹ́ oògùn méjì nínú hóró kan, tí ọ̀kan nínú méjèèjì sì jẹ́ oògùn tó ń fa ìtọ̀.

Amulodipíìnì kò fọwọ́ kan àtàǹpàkò yẹn, òpó ẹ̀jẹ̀ ara ló ń là. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ wọn ìfúnpá màmá. Bí ó bá wà níbi tó máa ń wà, tí wọ́n sì lè dìde láìsí pé òòyì ń kọ́ wọn, wọ́n lè lò ó. Bí nọ́ńbà òkè bá ti wọ abẹ́ 100, tàbí tí ojú wọn ń ṣú bí wọ́n bá dìde, kí òun náà dúró títí ẹ ó fi bá dókítà sọ̀rọ̀.

Ní ti rọpárọsẹ̀ tó ń bà yín lẹ́rù: ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láìlo lisinopírììlì àti Modurẹ́tíìkì kì í mú kí ìfúnpá ta sókè lójijì. Àwọn oògùn kan wà tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá kulonidíìnì, àti àwọn bíi atẹnolọ́ọ̀lù àti bisopirolọ́ọ̀lù tó ń dín eré ọkàn kù. Ẹni tó bá ń lo irú wọn kò gbọdọ̀ já a lójijì láìgbọ́ ti dókítà. Ìdí nìyí tí n kò fi gba ti ẹ̀gbọ́n yín pé kí gbogbo ẹ̀ dúró, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí. Ìyá kan tó máa ń ra oògùn lọ́wọ́ mi, ẹni ọdún 61, jẹun níbi òkú kan lọ́jọ́ Sátidé. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣunú. Lisinopírììlì mílígíráàmù 10 àti Modurẹ́tíìkì ni wọ́n ń lò, wọn kò sì fo ìkankan. Ara ń ro wọ́n, ni ẹnìkan bá fún wọn ní dikulofẹ́náàkì, wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Lọ́jọ́ Túsìdeè, ọmọ wọn dì wọ́n lápá wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹnu wọn gbẹ débi pé ahọ́n ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ìfúnpá wọn jẹ́ 86 lórí 50. Mo bi wọ́n léèrè ìtọ̀, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tọ̀ láti àná, ó sì dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Nílé ìwòsàn, kirẹatiníìnì wọn, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń kó dànù, jẹ́ 3.2. Oṣù mẹ́rin ṣáájú, 0.9 ni. Omi tí wọ́n fà sí wọn lára àti oògùn tí wọ́n dá dúró ló gbà wọ́n. Lọ́jọ́ kẹfà ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí 1.2.

Dikulofẹ́náàkì ni ẹ̀kẹta tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn di ńlá. Òun àti ibupurofẹ́ẹ̀nì máa ń mú òpó àbáwọlé fún. Lisinopírììlì ṣí àbájáde sílẹ̀ gbayawu, Modurẹ́tíìkì ń fa omi ara, dikulofẹ́náàkì sì dí ẹnu ọ̀nà: kí ló kù fún asẹ́ láti sẹ́? Bí ara bá ń ro màmá yín, parasitamọ́ọ̀lù ni kí ẹ fún wọn. Bí wọ́n bá ń lo mẹtifọmíìnì fún àtọ̀gbẹ, òun náà wà lára ohun tó yẹ kó sinmi, ṣùgbọ́n ìnsúlíìnì kò gbọdọ̀ dúró láìgbọ́ ti dókítà.

Nípa omi: ẹ ra iyọ̀-àti-ṣúgà inú àpò ní ilé ìtajà oògùn. Bí wọ́n bá kọ lítà 1 sí i lára, ọ̀rá omi méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà ni kí ẹ fi pò ó. Bí kò bá sí, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ, nínú lítà 1 omi tó mọ́. Ẹ má ṣe da ife kan sí wọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á bì í. Ṣíbí kan, kí ẹ dúró díẹ̀, ṣíbí mìíràn, títí inú á fi gbà á. Màtí àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kò lè rọ́pò rẹ̀, ṣúgà inú wọn lè mú kí ìgbẹ́ náà pọ̀ sí i. Omi àgbọn tí wọ́n máa ń sáré gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún màmá. Pọtáṣíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ pọ̀ ju ti omi iyọ̀-àti-ṣúgà lọ. Lisinopírììlì àti Modurẹ́tíìkì sì máa ń mú kí pọtáṣíọ́ọ̀mù dúró sí ara. Bí kíndìnrín kò bá lè dà á nù, ó lè da ìlù ọkàn rú.

Ìbéèrè: Bó bá jẹ́ ibà nìkan ńkọ́, tí kò sí ìgbẹ́ gbuuru?

Ìdáhùn: Ohun tó ń jáde àti ohun tó ń wọlé ni kí ẹ wò. Ara gbóná díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń mumi, wọ́n ń jẹun, ìtọ̀ wọn sì mọ́: kí oògùn máa bá a lọ. Ibà tó ń mú èèyàn gbọ̀n, tí òógùn ń rin aṣọ, tí oúnjẹ àti omi kò wọlé mọ́, ẹ ṣe é bí ìgbẹ́ gbuuru. Ẹni tó mu àgbo jẹ̀dí tó sì ń lọ sẹ́yìnkùlé lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lóòjọ́, bákan náà ni omi ń lọ lára tirẹ̀, bí kò tilẹ̀ pe ara rẹ̀ ní aláìsàn.

Ìbéèrè: Bàbá mi ń lo Lásíìsì, oògùn tó ń fa ìtọ̀, torí ọkàn wọn tí kò lágbára. Ṣé àwọn náà máa dá a dúró?

Ìdáhùn: Ẹ má dá a ṣe. Lára tiwọn, omi lè gun ẹ̀dọ̀fóró bí oògùn náà bá dúró, omi àmujù sì lè pa wọ́n lára. Dókítà tó ń tọ́jú ọkàn wọn ni kó pàṣẹ, lọ́jọ́ kan náà, kì í ṣe lọ́la. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni ká padà sí i, ṣé ká fi èyí tó fò kún un?

Ìdáhùn: Bí wọ́n bá ti jẹ tí wọ́n ti mu bó ṣe yẹ fún wákàtí 24 sí 48, kí wọ́n padà sí iye tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi hóró kan kún un. Ibi tí àwọn ìyá mìíràn ti máa ń ṣubú nìyí: wọ́n gbádùn, wọ́n gbàgbé, oṣù kan kọjá láìlo oògùn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá dá a dúró gan-an, ẹ kọ ọjọ́ náà sára páálí oògùn. Ní Sikọ́tíláàndì, káàdì kékeré ni wọ́n ń fún aláìsàn láti rán an létí ohun tó yẹ kó dúró àti ìgbà tó yẹ kó padà. Àwọn dókítà kò tíì fẹnu kò lórí bí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbani tó, torí ìwádìí tó wà lórí rẹ̀ kò pọ̀. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ pe dókítà tiyín.

Bí àìsàn náà bá kọjá ọjọ́ méjì, tí omi kò dúró nínú wọn, tí wọ́n lo wákàtí 8 láìtọ̀, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ń dàrú, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí nọ́ńbà òkè wọ abẹ́ 90, ilé ìwòsàn ló kàn. Ìgbẹ́ tó funfun bí omi ìrẹsì kò tiẹ̀ gbọdọ̀ dúró de aago mìíràn, torí ó lè jẹ́ onígbáméjì. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn wọn dání, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ kirẹatiníìnì àti pọtáṣíọ́ọ̀mù wò kí wọ́n tó dá lisinopírììlì padà.