Ibi tí dírẹ́bà tirela kò ti lè rí yín

Ẹni tó jókòó síwájú tirela ga ju gbogbo wa lọ lójú pópó, a sì máa ń rò pé ẹni tó bá ga yóò rí ohun gbogbo. Ó ń rí jìnnà lóòótọ́. Ohun tó wà lábẹ́ imú ọkọ̀ rẹ̀ gan-an ni kò rí.

Àwọn àyè tó yí ọkọ̀ ká tí ojú dírẹ́bà àti dígí rẹ̀ kò dé ni àwọn awakọ̀ ń pè ní bíláíńdì sípọ́ọ̀tì. Ó wà níwájú, ó wà lẹ́yìn, ó wà lósì, ó wà lọ́tùn-ún, ṣùgbọ́n wọn kò tóbi bákan náà. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí dírẹ́bà ti ń jókòó sọ́wọ́ òsì bíi tiwa, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọkọ̀ akẹ́rù máa ń kìlọ̀ pé kí èèyàn ka bíi mítà 6 níwájú tirela, mítà 9 lẹ́yìn rẹ̀, ìlà ọ̀nà kan lósì àti ìlà méjì gbáko lọ́tùn-ún sí ibi tí dírẹ́bà kò rí. Ìṣirò yẹn bá tiwa mu dáadáa, torí púpọ̀ nínú àwọn Máàkì onímú gígùn tó ń gbé kọ́ńténà jáde ní Àpápá, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá.

Ìdí tí ọ̀tún fi burú ju òsì lọ kò le. Fèrèsé òsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ó lè yọrí wo ìsàlẹ̀. Kó tó rí ọ̀tún, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ la inú ọkọ̀ kọjá, kó sì gba orí ilẹ̀kùn tó ga ju orí ọlọ́kadà lọ. Ohun tó bá wà lábẹ́ fèrèsé yẹn, dígí nìkan ló lè fi hàn án. Ọ̀tún yìí náà sì ni àwa tí a kò wa mọ́tò ń gbà: ọlọ́kadà, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí gọ́tà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ìkòríta kan. Tirela tó gbé kọ́ńténà oní-mítà 12 fẹ́ yà sí ọ̀tún, sínú àdúgbò tí ọ̀nà rẹ̀ kò fẹ̀. Dírẹ́bà kò lè yà lójú ẹsẹ̀, torí táyà ẹ̀yìn kì í tẹ ipasẹ̀ táyà iwájú. Bí orí ọkọ̀ bá ti ń yí, ńṣe ni ẹ̀yìn ń gé kọ́nà. Fún ọkọ̀ tó gùn tó báyẹn, táyà ẹ̀yìn lè wọ inú ju ti iwájú lọ ní nǹkan bíi mítà 3, bẹ́ẹ̀ ìlà ọ̀nà kan kò ju nǹkan bíi mítà 3 àti ààbọ̀ lọ. Tó bá yà tààrà, táyà ẹ̀yìn yóò já sínú gọ́tà. Nítorí náà, ó máa kọ́kọ́ bọ́ sí òsì kó tó rọ́ orí ọkọ̀ sí ọ̀tún.

Ìgbà tó bọ́ sí òsì yẹn ni ọlọ́kadà tó gbé èrò méjì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó rí i pé tirela ti ṣí ọ̀tún sílẹ̀, ààyè tó gba ọ̀kadà kan. Lójú tirẹ̀, òsì ni tirela ń lọ, tàbí ó fẹ́ dúró. Iná tí ì bá sọ fún un pé ọ̀tún ni, bóyá ó ti kú, bóyá ẹrẹ̀ ti bò ó. Ó rọra kó sínú ààyè náà, ó sì dé ìdajì kọ́ńténà kí orí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí yí.

Bí orí ọkọ̀ bá ti yí sí ọ̀tún báyìí, dígí ọ̀tún bá a yí. Kò wo ọ̀nà mọ́, ògiri kọ́ńténà ló ń wò. Dírẹ́bà lè tẹjú mọ́ dígí náà títí, kó má sì rí táyà ẹ̀yìn tàbí ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ààyè náà ń pa dé bí ẹnu àlùmọ́gàjí: kọ́ńténà ń sún mọ́ gọ́tà láti iwájú bọ̀ wá sí ẹ̀yìn. Ọ̀kadà kò ní rifásì. Ọ̀pọ̀ tirela tiwa kò sì ní irin ìdábùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ì bá ti ẹni tó ṣubú síta, kó má bọ́ sábẹ́ táyà. Ẹni tó bá ti há síbẹ̀, kó fi ọ̀kadà sílẹ̀, kó fò kọjá gọ́tà. Ọ̀kadà ṣeé rà.

Ohun tó yẹ kéèyàn ṣe ti kọjá kó tó dé ibẹ̀ yẹn. Tí tirela bá dín eré kù nítòsí ìkòríta, tó sì bọ́ sí òsì láìsí ìdí, ẹ kà á sí pé ọ̀tún ló ń lọ, kí ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí ẹ ti lè rí dígí rẹ̀ méjèèjì. Àwọn awakọ̀ máa ń sọ pé tí o kò bá rí ojú mi nínú dígí mi, èmi náà kò rí ọ. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni. Pé ẹ rí ojú rẹ̀ fi hàn pé ó lè rí yín. Kò fi hàn pé ó ń wò yín. Bẹ́ẹ̀ a mọ iye tirela tí dígí wọn ti là, tàbí tí wọ́n fi rọ́bà so mọ́ ara irin.

Ti ẹlẹ́sẹ̀, iwájú ló léwu jù. Nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá máa ń gba àárín tirela méjì kọjá. Níwájú Máàkì onímú gígùn, ọmọdé tó ga ní mítà 1 lè dúró sí mítà 3 sí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí dírẹ́bà má rí irun orí rẹ̀. Tí ìlà bá sún, dírẹ́bà á gbéra láìmọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ ó gbọ́ “fùùù” nígbà tí afẹ́fẹ́ bíréèkì bá tú. Ìró yẹn lè túmọ̀ sí pé ọkọ̀ ti ṣe tán láti rìn, ẹ má gba iwájú rẹ̀ mọ́. Tó bá di dandan kí ẹ kọjá, ẹ jìnnà sí i débi tí ẹ ó fi rí ojú dírẹ́bà nínú dígí iwájú, kí òun náà sì fi ọwọ́ dá yín lóhùn.

Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló yẹ kó jẹ́ ojú ọ̀tún fún ọ̀gá rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yọrí ní fèrèsé ọ̀tún nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà, kó sì sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó bá ń padà sẹ́yìn, torí kò sí dígí kankan tó ń fi ìdí kọ́ńténà hàn. Èyí tí a ń rí jù ni ọmọ tó ti sùn fọnfọn láti aago mẹ́ta òru, tí kò sì sí ọ̀gá tó ń jí i.

Fún àwọn ará wa tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ yí gbogbo rẹ̀ padà: ọ̀tún ni dírẹ́bà jókòó níbẹ̀, òsì ni ewu wà. Láti ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ akẹ́rù tó bá ju tọ́ọ̀nù 12 lọ gbọ́dọ̀ ní ìràwọ̀ mẹ́ta lórí bí dírẹ́bà ṣe ń ríran látinú rẹ̀, tàbí kó ní kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ náà máa ń ta dírẹ́bà lólobó, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn ṣì ń gé kọ́nà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gé e ní Àpápá.