“Mo Sanwó, Kò Wọlé” Kì Í Ṣe Ìjábọ̀

Nígbà tí ìsanwó bá dàrú lórí ìkànnì tàbí áàpù, ìjábọ̀ tó sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ ètò náà kì í ju gbólóhùn kan lọ: “Mo sanwó, kò wọlé.” Ẹni tó kọ ọ́ ò purọ́. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ tún nǹkan ṣe ò rí ibi tó máa dì mú nínú rẹ̀, torí ó kéré tán, ọ̀ràn mẹ́ta tí kò bára wọn tan ló ń jẹ́ “kò wọlé.” Ó lè jẹ́ pé owó ò kúrò ní báńkì oníbàárà rárá. Ó lè jẹ́ pé owó ti kúrò, alárinà tó ń bá ọlọ́jà gba owó káàdì ti gbà á, ṣùgbọ́n ìkànnì ọlọ́jà ò mọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé owó kúrò lẹ́ẹ̀mejì fún ọjà kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá ti dá àjọ rí á mọ bí èyí ṣe rí. Ìwé wà lọ́wọ́ alájọ, káàdì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dá a. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí owó bá wọlé, alájọ á sàmì sí méjèèjì. Tí ìjà bá dé ní ìparí oṣù, ariwo “alájọ jẹ owó mi” kì í yanjú ẹ̀. Ohun tó ń yanjú ẹ̀ ni kí wọ́n gbé ìwé àti káàdì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí wọ́n wá rí i pé àmì wà lórí káàdì ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, tí ibẹ̀ sì ṣófo nínú ìwé. Lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní olè jíjà, ó ti di ọ̀rọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ìsanwó orí ìkànnì ní ìwé mẹ́ta: ti báńkì, ti alárinà, àti ti ọlọ́jà. Iṣẹ́ ìjábọ̀ ni láti fi ibi tí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yapa hàn. Ohun mẹ́rin ló yẹ kó wà nínú rẹ̀: ìgbésẹ̀ tí a gbé, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, àti bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó.

Ká mú ọ̀ràn kan. Oníbàárà kan fẹ́ ra àdìrẹ ₦18,500. Ó fi káàdì sanwó, báńkì fi OTP ránṣẹ́ sí i, ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì bá já. Nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì padà, ó rí `Payment failed` lójú fóònù. Ó tún tẹ `Pay`. Àlàátì méjì ló wọlé sórí fóònù rẹ̀.

Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe máa kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìyí: “Mo ń sanwó lọ́wọ́, nẹ́tíwọ̀kì já, mo tún un san.” Ohun tó sọnù nínú gbólóhùn yẹn ni ìgbà tí nẹ́tíwọ̀kì já gan-an. Tó bá já kí OTP tó kúrò lórí fóònù, báńkì ò tíì gbọ́ nǹkan kan, owó ò sì ní kúrò. Tó bá já lẹ́yìn tí OTP ti dé ọ̀hún, báńkì ti yọ owó. Ìdáhùn nìkan ló sọnù lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ìgbésẹ̀ tó wúlò á kà báyìí: fi ọjà kan sínú apẹ̀rẹ̀, yan káàdì, tẹ OTP, tẹ `Submit`, ka ìṣẹ́jú àáyá méjì, pa dátà. Dúró fún ìṣẹ́jú kan, tan dátà padà, tẹ `Pay` lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ẹni tó ń kọ ìjábọ̀ sì fi kún un pé, “Mo fi káàdì ìdánwò ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin.” Ẹ̀ẹ̀kan tí kò ṣẹlẹ̀ yẹn náà ṣe pàtàkì: ó jẹ́ kí a fura pé àkókò tí a pa dátà ló ń fa ìyàtọ̀.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń fojú fò jù. Wọ́n á kọ “kí owó wọlé,” wọ́n á kọjá lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí pé nẹ́tíwọ̀kì ò ní já. Ohun tó yẹ ní tòótọ́ ni pé, bí nẹ́tíwọ̀kì bá padà, kí ìkànnì kọ́kọ́ bi alárinà léèrè ibi tí ìsanwó àkọ́kọ́ dé kó tó sọ pé ó kùnà, kó má sì gba òmíràn fún ọjà kan náà títí ìdáhùn á fi dé. Tí a bá kọ ọ́ báyìí, ìdajì àtúnṣe ti wà lórí ìwé.

Lẹ́yìn náà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ohun tí ojú rí là ń kọ síbẹ̀. “Sáfà yín ti bàjẹ́” kì í ṣe ohun tí ojú rí, ìméfò ni. Nínú ọ̀ràn yìí, báńkì yọ ₦18,500 lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé ọlọ́jà kọ `failed` fún àkọ́kọ́, ó kọ `paid` fún ìkejì. Ìwé alárinà sì rí báyìí:

```
18402-1  1850000  success  13:07:41Z
18402-2  1850000  success  13:09:15Z
```

Kọ́bọ̀ ni wọ́n fi ka owó yẹn, kì í ṣe náírà, torí náà ₦18,500 ni 1850000. `Z` tó wà lẹ́yìn aago túmọ̀ sí UTC, tó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn aago Nàìjíríà. Àlàátì báńkì á kọ 14:07 fún ìsanwó kan náà. Bí a ò bá sọ aago tí à ń lò, ẹni tó ń wá a á máa wá a ní wákàtí tí kò sí nǹkan kan.

Ìlà méjì yẹn ló dùn mọ́ni jù nínú gbogbo ìjábọ̀ náà. Ẹ wo `-1` àti `-2`. Nígbà tí oníbàárà tẹ `Pay` lẹ́ẹ̀kejì, ìkànnì fún ìsanwó náà ní nọ́ńbà tuntun, alárinà sì gbà pé ọjà mìíràn ni. Ká ní nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló tún gbé lọ ni, alárinà ì bá ti mọ̀ pé ó ti gba owó yìí rí, ì bá sì kọ̀ ọ́. Ẹni tó kọ ìjábọ̀ lè má mọ ìyẹn rárá. Kó ṣáà kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, ẹni tó kọ ètò náà á rí i. Nọ́ńbà ìsanwó là ń wí o, kì í ṣe ti káàdì: mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà káàdì tó, CVV àti OTP ò sì gbọdọ̀ hàn, àní nínú àwòrán ojú fóònù pàápàá.

Ó wá ku bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó, ibẹ̀ sì ni àṣìlóye tó ń bí ènìyàn nínú wà. Wọ́n máa ń fi iye owó wọ̀n ọ́, tàbí kí wọ́n fi ariwo oníbàárà wọ̀n ọ́. Tí káàdì bá kọ̀ pẹ̀lú kóòdù `51`, owó inú àkáǹtì ò tó ni, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, ì báà jẹ́ mílíọ̀nù kan ló fẹ́ san. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé: ṣé owó ènìyàn lọ, ṣé ó mọ̀ pé ó lọ, ṣé ọ̀nà wà tó lè gbà padà fúnra rẹ̀? Bí ìsanwó bá kú pátápátá, ó le, àmọ́ gbogbo ènìyàn á rí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó ń yọ owó lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ń kọ sójú fóònù pé àkọ́kọ́ kùnà, lè rìn fún oṣù mẹ́ta káwọn ọlọ́jà tó fura, torí ìwé tiwọn pé pérépéré: ọjà kan, `paid` kan. Ìdí nìyẹn tí àdìrẹ ₦18,500 yìí fi yẹ ní ìpele àkọ́kọ́, èyí tó le jù. Ká ní alárinà ń dá owó kejì padà fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì ni, ìpele kejì ì bá tó o. Ṣùgbọ́n nínú ìwé rẹ̀, méjèèjì ṣì jẹ́ `success`.