Bí kọ̀ǹpútà ṣe mọ ọ̀nà tí omi ń gbà

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa ààlà ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń wọ odò kan. Ẹni tó fẹ́ fà á yóò tẹ́ máàpù sílẹ̀, yóò máa wo àwọn ìlà tó ń fi gíga hàn, yóò sì fi pẹ́ńsùlù tẹ̀lé orí òkè títí yóò fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1958, Miller àti Laflamme ní MIT kọ nípa bí a ṣe lè sọ gíga ilẹ̀ di nọ́ńbà, kí ó lè rọrùn láti la ọ̀nà. Àwòrán gíga tí à ń lò lónìí nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe máàpù, jẹ́ àpótí kéékèèké tó tò ti ara wọn, kálukú pẹ̀lú gíga tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ò mọ odò. Báwo ni àpótí kan ṣe máa mọ aládùúgbò tí yóò gbé omi rẹ̀ fún?

Ẹ wo àpótí mẹ́sàn-án yìí. Mítà 30 ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àríwá sì wà lókè:

```
112 110 107
108 105 103
104 101  99
```

Òjìji ni Berthold Horn ń wá ní 1981, kì í ṣe omi. Ó fẹ́ kí òkè orí máàpù ní ìmọ́lẹ̀ àti òjìji bí ẹni pé oòrùn ń ràn sí i, ìyẹn sì gba pé kó mọ bí ilẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó àti ibi tó kọjú sí. Ó lo àwọn aládùúgbò mẹ́jọ, ó sì ka àwọn tó fẹ̀gbẹ́ kan àpótí àárín lẹ́ẹ̀mejì. Lórí 105 wa, ìdagẹ̀rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí dígírì 9.3, ilẹ̀ sì kọjú sí nǹkan bí dígírì 150, tí a bá kà á láti àríwá gba ìlà-oòrùn. Ọ̀nà yìí náà ni Slope àti Aspect inú QGIS ń tọ̀. Bí máàpù rẹ bá ń fi dígírì wọn ilẹ̀ nígbà tí gíga wà ní mítà, ìdagẹ̀rẹ̀ yóò sún mọ́ 90 níbi gbogbo. Yí i sí UTM, ètò máàpù tó ń fi mítà wọn ilẹ̀, kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Èèyàn lè rò pé ibi tí ilẹ̀ kọjú sí ti tó láti darí omi. Kò tó, torí pé dígírì 150 bọ́ sáàárín àpótí méjì. Ní 1984, O'Callaghan àti Mark gbé òfin kan kalẹ̀: kí àpótí kọ̀ọ̀kan gbé gbogbo omi rẹ̀ fún ẹyọ kan nínú àwọn mẹ́jọ, èyí tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀ sí jù. Láti 105 sí 101 ní gúúsù, mítà 4 la sọ̀ kalẹ̀ lórí mítà 30, ìyẹn 0.133. Sí 99, mítà 6 ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gba igun àpótí kọjá gùn tó mítà 42.4, ìyẹn 0.141. 99 ló gba omi, ní dígírì 135. Dígírì 15 ti sọnù. Mo gbà pé owó tó yẹ ká san ni, torí òfin náà rọrùn láti kà, àmọ́ bó o bá rí odò tó tò gbọọrọ bíi pé rúlà la fi fà á lórí òkè tó tẹ́jú, òfin yìí lò ń wò, kì í ṣe ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kíka ló kù: mélòó ni àwọn àpótí tí omi wọn ń gba ibí kọjá? Níbi tí iye náà bá ti jẹ́ 10,000, ilẹ̀ tó ń gbé omi wá jẹ́ kìlómítà 9 níbùú lóròó, nítorí àpótí kan jẹ́ mítà 900 níbùú lóròó.

Kòtò ló wá dá iṣẹ́ náà dúró. Àpótí tó rẹlẹ̀ ju gbogbo aládùúgbò rẹ̀ yóò gbé omi mì, bẹ́ẹ̀ àṣìṣe ìwọ̀n ni púpọ̀ nínú wọn. Ní 1988, Jenson àti Domingue fi ọ̀nà tí wọ́n gbà dí kòtò hàn: kí a gbé e sókè dé ibi tó rẹlẹ̀ jù lẹ́nu rẹ̀, kí omi lè ṣàn kọjá. Charles Ehlschlaeger, tó kọ irinṣẹ́ r.watershed sínú GRASS, ètò máàpù mìíràn, gba ọ̀nà tirẹ̀. Irinṣẹ́ náà kì í dí kòtò. Láti etí máàpù ló ti ń gòkè bọ̀ láti ibi tó rẹlẹ̀, tó ń wá ọ̀nà tí omi inú kòtò lè gbà jáde. Lẹ́yìn tí Gary Sherman bẹ̀rẹ̀ QGIS ní 2002, irinṣẹ́ GRASS dèyí tí à ń pè láti inú rẹ̀. Nínú méjì yìí, èkíní ń ka omi, èkejì ń fa ààlà ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń wọ odò:

```
r.watershed -s elevation=dem accumulation=acc drainage=dir
r.water.outlet input=dir output=basin coordinates=x,y
```

`-s` ló ń mú òfin 1984 wá. Láìsí i, omi àpótí kan lè pín sọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ aládùúgbò.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ni `coordinates`, níbi tí o ti ń fi nọ́ńbà x àti y sọ ojú odò tí o fẹ́ mọ ilẹ̀ rẹ̀. Bó o bá fi àpótí kan ṣoṣo ṣìnà kúrò lójú odò, tẹ́ẹ́rẹ́ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òkè ni wàá rí gbà dípò gbogbo agbègbè odò náà. Ṣí `acc`, àwòrán tó gbé iye àwọn àpótí tí a kà, fà á sún mọ́ ojú, kó o sì yan àpótí tí iye rẹ̀ ga jù níbẹ̀. Bí iye náà bá ní àmì ìyọkúrò níwájú, omi ń wọlé láti ìta máàpù, iye náà kò sì pé. Gba àwòrán gíga tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó o tún un kà.