Títún awọ ojú ṣe nínú fọ́tò láì pa ihò awọ rẹ́

Títún awọ ojú ṣe láì pa ihò awọ rẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tí onífọ́tò máa ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tó bá ti ya ènìyàn tán. Ó ń mú kí ojú tó dúdú níbì kan tó sì pọ́n níbòmíràn bá ara rẹ̀ mu, ó sì ń mú àpá irorẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n ihò awọ, ìlà wẹ́wẹ́ àti irun kéékèèké ojú á ṣì wà níbẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, àsìkò tí àwọn oníbàárà máa ń béèrè rẹ̀ jù ni àsìkò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ìgbéyàwó, àti ọdún Ọlọ́jọ́, nígbà tí ènìyàn bá wọ aṣọ tó dára tó sì fẹ́ kí ojú òun bá aṣọ náà mu. Ọ̀nà tí àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ni èyí tí a fi ń ya àwọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ojú awọ nínú Photoshop.

Irú àbàwọ́n méjì

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó yẹ kí a mọ̀ pé kì í ṣe irú àbàwọ́n kan ṣoṣo ló wà lójú. Irorẹ́ tó ṣì ń wú ga ju awọ tó yí i ká lọ. Iná tó bá a máa ń dán lórí rẹ̀, òjìji díẹ̀ sì máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí jẹ́ àbàwọ́n ojú awọ. Àpá dúdú tí irorẹ́ fi sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti san yàtọ̀. Lára awọ dúdú, ibi tí irorẹ́ ti wú máa ń kó èròjà tó ń sọ awọ di dúdú jọ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì lè pẹ́ ní oṣù púpọ̀ kó tó ṣí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wo àpá bẹ́ẹ̀ dáadáa, á rí i pé pẹrẹsẹ ló rí, ihò awọ sì wà lórí rẹ̀ bó ṣe wà níbi tó kù. Àwọ̀ nìkan ló bàjẹ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni iwájú orí tí oòrùn ti sọ di dúdú, àti àyíká ẹnu tó dúdú ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ.

Onífọ́tò tó bá fi búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ń pa ihò awọ tí kò ṣẹ̀ mọ́ àpá tó ṣẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú ti máa ń dà bíi ti bèbí oníke. Ohun tí ọ̀nà yìí ń ṣe ni pé ó pín fọ́tò sí ìpele méjì: ọ̀kan gbé àwọ̀ àti òjìji tó gbòòrò, èkejì gbé ihò awọ àti ìlà wẹ́wẹ́. A ó wá tún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ní àyè tirẹ̀.

Bí a ṣe ń pín fọ́tò

A ó ṣe ẹ̀dà fọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, a ó sọ ẹ̀dà ìsàlẹ̀ ní `awo`, ìyẹn àwọ̀, a ó sì sọ ti òkè ní `oju`, ìyẹn ojú awọ. A ó fi `oju` pamọ́ ná. Lórí `awo`, a ó lọ sí Filter > Blur > Gaussian Blur, a ó máa fi Radius sókè díẹ̀díẹ̀ títí ihò awọ á fi ṣẹ̀ṣẹ̀ parẹ́, a ó sì dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó ṣí `oju`, a ó lọ sí Image > Apply Image, a ó sì yan `awo` níwájú Layer. Bí fọ́tò bá jẹ́ ti bíìtì 8, Blending á jẹ́ Subtract, Scale á jẹ́ 2, Offset á jẹ́ 128. Bó bá jẹ́ ti bíìtì 16, a ó fi àmì sí Invert, Blending á di Add, Scale 2, Offset 0. `oju` á di eérú. Ohun tó kù ni kí a yí irú ìpele náà padà sí Linear Light.

Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ kò le. Kí a ní ìmọ́lẹ̀ ibì kan lórí ihò awọ jẹ́ 140, tí àwọ̀ tó ti di bàìbàì níbẹ̀ sì jẹ́ 120. Ìyàtọ̀ wọn ni a tọ́jú sínú `oju`, Linear Light ló sì ń dá a padà:

```
(140 − 120) ÷ 2 + 128 = 138
120 + 2 × (138 − 128) = 140
```

Nítorí náà, bí a bá ti pín in tán, fọ́tò gbọ́dọ̀ rí gẹ́gẹ́ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Bó bá mọ́lẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ tàbí tó ṣókùnkùn, nọ́ńbà kan ni a ti ṣì tẹ̀, kí a padà lọ wò ó kí a tó lọ síwájú.

Radius ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé, kò sì sí nọ́ńbà kan tó bá gbogbo fọ́tò mu. Ìwọ̀n ojú nínú fọ́tò ló ń sọ ọ́. Ojú tó fẹ̀ tó píkísẹ́lì 1500 lè gba 8 sí 10, nígbà tí ojú ẹni tí a yà látòkè délẹ̀, tí kò ju píkísẹ́lì 300 lọ, lè máà gbà ju 2 lọ. Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ó tọ́ ni pé kí a wo ìpele kọ̀ọ̀kan lóun nìkan. Bí a bá ṣì ń rí ihò awọ lórí `awo`, Radius kéré jù. Bí a bá ń rí àpá dúdú gbàràgàdà lórí eérú `oju`, ó pọ̀ jù, àpá náà á sì kọ̀ láti lọ bó ti wù kí a tún `awo` ṣe tó.

Àpẹẹrẹ kan

Ká mú fọ́tò ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, tí a yà láti orí dé àyà nínú ọyẹ́, pẹ̀lú kámẹ́rà tó ń ya 6000 × 4000. Àpá dúdú mẹ́ta wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, irorẹ́ kan tó wú wà ní àgbọ̀n, iwájú orí sì dúdú ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Ọyẹ́ ti mú kí ẹ̀gbẹ́ imú funfun, pọ́dà sì dúró lé e lórí. (Òrí díẹ̀ tí a fi pa ojú kí a tó fi pọ́dà sí i ì bá ti dín ìyẹn kù, ìṣẹ́jú díẹ̀ níwájú kámẹ́rà sàn ju ìdajì wákàtí lórí kọ̀ǹpútà lọ.) Nígbà tí Radius wà ní 4, ihò awọ ṣì hàn lórí `awo`, ní 9, wọ́n ti lọ, ṣùgbọ́n ojú, imú àti ẹnu ṣì hàn kedere.

Irorẹ́ àgbọ̀n ni a ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí lára, lórí `oju`. A ó mú Healing Brush, irinṣẹ́ tó wọ inú Photoshop ní 2002, a ó fi Sample sí Current Layer, a ó sì jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì fi díẹ̀ tóbi ju irorẹ́ náà lọ. A ó di Alt mú, a ó tẹ awọ tó mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ó sì kun orí irorẹ́. Àgbọ̀n ni kí a ti mú awọ àgbọ̀n. Ihò awọ imú tóbi ju ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, ti iwájú orí sì yàtọ̀ sí méjèèjì, nítorí náà awọ tí a bá gbé láti ibi tó jìnnà máa ń fi ara rẹ̀ hàn. Awọ tó funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú náà, orí `oju` ni a ti ń tún un ṣe, nítorí gbígbẹ tó gbẹ ni.

Ibi irorẹ́ náà ti wá tẹ́jú, ṣùgbọ́n ó ṣì dúdú, nítorí òjìji rẹ̀ wà lórí `awo`. A ó bọ́ sí `awo`, a ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a ó sì mú Clone Stamp tí etí rẹ̀ rọ̀, Opacity 30, Sample ní Current Layer. A ó fi kun ibi náà àti àpá mẹ́ta ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní ìkan lẹ́yìn ìkan, títí wọ́n á fi bá ẹ̀gbẹ́ wọn dọ́gba. Ihò awọ orí àpá kò ní mì rárá, nítorí orí `oju` ni ó wà.

Iwájú orí gba sùúrù jù. A ó tún ṣe ẹ̀dà kan sí i láti ara ẹ̀dà `awo` tí a ti kun yìí, a ó fi Lasso tí Feather rẹ̀ jẹ́ 20 yí apá tó dúdú ká, a ó sì lo Gaussian Blur tó tó 25 lórí rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí Lasso kọjá sí irun, fìlà, ojú tàbí ètè. Lẹ́yìn náà a ó dín Opacity ẹ̀dà tuntun yìí kù sí nǹkan bí 60. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní 100, iwájú orí á pẹlẹbẹ, nítorí kì í ṣe gbogbo dúdú ojú ni àbàwọ́n: òjìji tó wà lábẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú ló ń jẹ́ kí ojú ga kó sì rẹlẹ̀.

Ohun tó máa ń bàjẹ́

Bí etí fìlà bá ní ìmọ́lẹ̀ tàbí òjìji tó yí i ká, Lasso ti sún mọ́ ọn jù. Bí àwọ̀ kan ṣàjèjì bá ta lórí irorẹ́ tí a tún ṣe, Sample ti wà ní All Layers, a sì ti da àwọ̀ sínú eérú `oju`. Bí a bá mú awọ láti ibì kan náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ihò awọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tò bíi ti aṣọ alátẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ojú tí a fẹ̀ dé 300% á máa rí àbàwọ́n tí ẹnikẹ́ni kò ní rí nínú fọ́tò tí a tẹ̀. 100% ni kí a ti tún ihò awọ ṣe, kí a sì máa padà wo odindi fọ́tò kí a tó tún tẹ̀ síwájú.

Àṣìṣe kan tún wà tí ojú kì í tètè mú. Bó bá jẹ́ ibi tó pọ́n jù lójú ni a ń mú àwọ̀ lọ́jọ́ gbogbo, ojú náà á máa pọ́n díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yàtọ̀ sí ọrùn àti ọwọ́. Ibi tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ni kí a máa mú. Bíbóra kò sí nínú iṣẹ́ yìí.

Ìpele kan fún fọ́tò 6000 × 4000 ní bíìtì 16 ń gba nǹkan bí mẹ́gábáìtì 144, nítorí náà ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin máa ń fa kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ kéré lẹ́sẹ̀. Kí a máa tọ́jú iṣẹ́ léraléra; iná ò ní kìlọ̀ kó tó lọ.

Ohun tí a kì í pa rẹ́

Pélé, àbàjà àti ilà mìíràn kì í ṣe àbàwọ́n. Apá kan ilà wà lórí `oju`, òjìji inú rẹ̀ sì wà lórí `awo`, nítorí náà Lasso tó bá gba orí rẹ̀ kọjá á sọ ilà àgbàlagbà di ohun tó dà bíi pé a fi pẹ́ńsù fà á. Àmì dúdú tí a bí mọ́ ènìyàn náà bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni tó ni ojú bá ní kí a yọ ọ́.

Ibi tí ọ̀nà yìí kò lè dé

Ihò awọ tí kámẹ́rà kò yà kò ṣeé tọ́jú. Ọ̀pọ̀ fóònù ń tẹ́ awọ fúnra wọn bí a bá fi ètò ẹwà inú kámẹ́rà sílẹ̀, kí a pa á kí a tó yà. Fọ́tò tó gba orí WhatsApp wá ti fún pọ̀. Lórí `oju` rẹ̀, àpótí kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ píkísẹ́lì 8 × 8 ni a ó máa rí dípò ihò awọ. Kí a bèèrè fáìlì tó jáde láti inú kámẹ́rà gan-an.

Ẹni tí kò ní Photoshop lè lo GIMP, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Láti ẹ̀dà 2.10, Filters > Enhance > Wavelet Decompose máa ń pín fọ́tò sí ìpele márùn-ún fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìkẹfà tó ń jẹ́ Residual tó gbé àwọ̀ tó gbòòrò jù. Ihò awọ wà ní àwọn ìpele àkọ́kọ́, àpá dúdú sì máa ń wà ní àwọn tó kẹ́yìn àti Residual, nítorí náà wọ́n nílò kí a ṣí wọn ní ìkan lẹ́yìn ìkan kí a tó mọ èyí tí àpá kọ̀ọ̀kan fara pamọ́ sí.