Iye ẹyọ nọ́ńbà kò lè sọ bóyá ìṣẹ́jú-àáyá ni tàbí mílísẹ́kọ́ǹdì

Ní Kúbwà, nígbà tí à ń kó orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa sínú púrógírámù tuntun, Ìyá Akápò pè mí sídìí kọ̀ǹpútà. "Wá wo nǹkan tí wọ́n kọ síwájú orúkọ mi." Mo wò ó: 31 Oṣù Karùn-ún 2216. Ọjọ́ ìbí wọn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ 1 Oṣù Kẹrin 1970 ló wà lórí káàdì tí wọ́n mú dání.

Ibi tí àṣìṣe náà ti wá kò fara sin. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà sábà máa ń fi pa ọjọ́ mọ́, ìyẹn iye àkókò tó ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970. Àwa tí à ń kọ kóòdù ti gbà pé bí nọ́ńbà àkókò yìí bá jẹ́ ẹyọ mẹ́wàá, ìṣẹ́jú-àáyá ló ń kà. Bó bá jẹ́ mẹ́tàlá, mílísẹ́kọ́ǹdì ni. Àbúrò tó bá wa kọ iṣẹ́ náà kọ ọ́ báyìí:

```python
if len(str(t)) == 13:
    t = t / 1000
```

Ohun tó jẹ́ kí èyí máa dà bí òótọ́ ni pé ọjọ́ òní la sábà máa ń fi dán an wò. Láti 1 Oṣù Kìíní 1970, ní wákàtí UTC, ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀. 9 Oṣù Kẹsàn-án 2001 ni ìṣẹ́jú-àáyá pé bílíọ̀nù kan, tó sì di ẹyọ mẹ́wàá. Yóò wà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 2286. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ọdún 2024, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ 1704067200 ní ìṣẹ́jú-àáyá, àti 1704067200000 ní mílísẹ́kọ́ǹdì. Òfin náà tọ̀nà láàárín ọdún méjèèjì yẹn. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà wo nínú ẹgbẹ́ wa ni wọ́n bí lẹ́yìn 2001?

Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ kan tí ará Àbújá mọ̀ dáadáa, 12 Oṣù Kejìlá 1991, ọjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó wá síbí. Ní ìṣẹ́jú-àáyá, 692496000 ni, ẹyọ mẹ́sàn-án péré. Ní mílísẹ́kọ́ǹdì, ó di 692496000000, ẹyọ méjìlá. Kò sí èyí tó bá òfin náà mu nínú méjèèjì. Kóòdù òkè yìí á fi ẹyọ méjìlá náà sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú-àáyá, ọdún 23914 ló sì máa jáde. Python kì í gba ọdún tó ju 9999 lọ, nítorí náà ó kọ̀ ọ́. (Àwọn kan tún ní bí nọ́ńbà bá parí sí òdo mẹ́ta, mílísẹ́kọ́ǹdì ni. Ẹ tún wo 692496000 yẹn.)

Kíkọ̀ tí Python kọ̀ sàn, torí èèyàn á rí i. Ti Ìyá Akápò ló burú. Ọjọ́ ìbí wọn ní mílísẹ́kọ́ǹdì jẹ́ 7776000000, ẹyọ mẹ́wàá gẹ́lẹ́. Kóòdù náà kà á sí ìṣẹ́jú-àáyá, ó gbà á wọlé, kò sì pariwo rárá.

Àbúrò náà ò gbà lójú ẹsẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mo fi ọjọ́ ìbí Bàbá Alága dán an wò, ó sì tọ̀nà." Lóòótọ́ ló tọ̀nà. Ọjọ́ òmìnira, 1 Oṣù Kẹwàá 1960, ni wọ́n bí Bàbá, ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò, nítorí náà àmì ìyọkúrò ló ṣáájú nọ́ńbà wọn: -291945600000. Mo ní kó kà á sókè. Ẹyọ méjìlá ni, ṣùgbọ́n `len(str(t))` ka àmì náà mọ́ ọn, ó wá di mẹ́tàlá. Kóòdù náà fi 1000 pín in, ìdáhùn sì tọ̀nà láìjẹ́ pé ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀ tọ̀nà. Àbúrò dákẹ́, ó tún un kà.

Ibi tí nọ́ńbà ti wá ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè. `Date.now()` àti `getTime()` ti JavaScript ń fúnni ní mílísẹ́kọ́ǹdì, bẹ́ẹ̀ náà ni `System.currentTimeMillis()` ti Java. Ìṣẹ́jú-àáyá ni `time()` ti PHP, `time.time()` ti Python àti `date +%s` lórí Linux. Bí ẹni tó mọ orísun rẹ̀ kò bá sí mọ́, ẹ má fi nọ́ńbà kan ṣoṣo ṣèdájọ́. Ẹ wo gbogbo òpó náà pọ̀, torí ìwọ̀n kan náà ni òpó kan sábà máa ń lò, kí ẹ sì wá èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tí ọjọ́ ìbí wọn wà lórí ìwé: ọ̀kan tí wọ́n bí ṣáájú 1970, ọ̀kan tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1971, ọ̀kan tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ̀n tó bá bá ìwé gbogbo wọn mu ni tòótọ́.

Ti àwa kò le tó bẹ́ẹ̀. JavaScript ni wọ́n fi kọ púrógírámù àtijọ́ náà, nítorí náà a yọ ìlà tó ń ka ẹyọ kúrò, a fi 1000 pín gbogbo òpó náà láìdá ẹnikẹ́ni sí. Nínú fáìlì àtijọ́ tí a fi pamọ́, a yí orúkọ òpó náà sí `ojo_ibi_ms`, kí ẹni tó bá tún ṣí i má baà máa ka ẹyọ. Ìyá Akápò gbé káàdì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n wo méjèèjì dáadáa, kí wọ́n tó ní ká máa kó orúkọ yòókù lọ.