Ẹ fi ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀, ẹ wo omi inú fúláàsì

"Ọwọ́ ẹ̀ ò gba fúláwà." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nílé ìkómọ, mo ti gbọ́ ọ nílé ìgbéyàwó, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń dín pọ́fù-pọ́fù tà ní Tánkẹ̀ ní Ìlọrin níbí, ó sì ti sú mi. Kí fúláwà tí a pò kàn sùn sínú abọ́ bí ẹni tó jẹ àmàlà yó, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bèèrè ni pé, "Ta ló pò ó?" Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin tó ti ń bàlágà ni, wọ́n á ní bóyá ó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ni, ẹnìkan ló ṣí ìdérí tí ojú fi wọ̀ ọ́. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń po fúláwà nílé búrẹ́dì ńlá, ẹ̀rọ kì í sì í ṣe nǹkan oṣù. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí wọ́n bá ti rí ọmọ tí wọ́n máa dá lẹ́bi, kò sẹ́ni tó tún máa bèèrè irú omi tí wọ́n fi pò ó.

Ní òwúrọ̀ ìkómọ kan nílé wa, ẹ̀gbọ́n mi ní kí ọmọ àbúrò wa, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, po fúláwà kílò méjì fún pọ́fù-pọ́fù. Ọmọ náà já ọ̀rá yíìsì gíráàmù mẹ́wàá méjì sínú abọ́ kékeré. Omi tí wọ́n sè lóru láti fi po ẹ̀kọ mímu ṣì wà nínú fúláàsì. Ó da kọ́ọ̀pù kan lé yíìsì náà lórí, ó rò ó, ó hó díẹ̀, ó ń rùn bíi búrẹ́dì, ó bá dà á sínú fúláwà. Ṣúgà rẹ̀ pé, iyọ̀ rẹ̀ pé, ó sì bò ó dáadáa. Lẹ́yìn wákàtí méjì a ṣí i, bó ṣe wà náà ló wà. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀. "Mo ti sọ ọ́, ọwọ́ ẹ̀ ò gbà á." Ọmọ náà kúnlẹ̀ ó ń bẹ̀bẹ̀, bíi pé ó jí nǹkan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò gbà gbọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi ẹnu sọ ọ́, ni pé yíìsì jẹ́ ohun alààyè. Wọ́n rò pé oògùn ni, irú èyí tí omi gbígbóná ń mú kó tètè yọ́, bíi máàjí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dá kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí ló kún inú ẹ̀yà gbígbẹ yẹn, wọ́n sùn ni. Bí omi bá kàn wọ́n, wọ́n á jí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tú jáde ló ń há sínú fúláwà tó fi ń wú. Àwọn ìbátan wọn ló ń mú kí ẹmu ọ̀pẹ hó wùrùwùrù nínú agbè láìsí pé ẹnì kan daná sí i. Àwọn ẹlẹ́mu Ìgbómìnà mọ èyí ju àwa aláfáà Ìlọrin lọ, ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Ohun tó bá wà láàyè, omi gbígbóná lè pa á. Bí omi bá ti tó nǹkan bíi dígírì 55 sí 60, yíìsì inú rẹ̀ ń kú lọ nìyẹn. Omi inú fúláàsì tó dára, tí wọ́n sè lóru, ṣì lè gbóná ju ìyẹn lọ dáadáa láàárọ̀. Ọmọ náà ti se yíìsì kó tó dé inú fúláwà rárá. Bí ìyá rẹ̀ ló ṣe é, bí ààfáà ló ṣe é, kò ní wú.

Ibo la ti wá rí omi gbígbóná yìí? Mo rò pé inú ìwé ìdáná ló ti wá. Wọ́n kọ ọ́ pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí a fi po yíìsì, a sì gbà á bẹ́ẹ̀, a tún wá fi kún un, nítorí pé lọ́dọ̀ wa ohun tó bá dára, tó bá pọ̀ sí i, á tún dára sí i ni. Ṣùgbọ́n ìlú tí omi ẹ̀rọ ti tutù bíi yìnyín ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ní Ìlọrin, ní oṣù Ẹ̀rẹ́nà, omi tó jókòó sínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ilé ti lọ́wọ́ọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Èyí tó ti inú tánkì dúdú orí òrùlé wá ní ọ̀sán, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó ṣàn kọjá kí ẹ tó gbé abọ́ sí i. Fún yíìsì wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ fúláwà tààrà, omi tí a ò gbé kaná rárá tó ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Èyí tí hóró rẹ̀ nípọn díẹ̀ ló ń fẹ́ kí a kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, nǹkan bíi dígírì 40.

Ẹni tí kò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru á bi mí pé báwo ni òun ṣe máa mọ dígírì 40. Ìṣirò ni. Omi tó ń hó jẹ́ 100. Ẹ jẹ́ ká ní omi ẹ̀rọ wa jẹ́ 28. Bí o bá da kọ́ọ̀pù omi híhó kan pọ̀ mọ́ kọ́ọ̀pù omi ẹ̀rọ méjì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó máa tó nǹkan bíi 52, ó ti ń sún mọ́ ibi ikú. Kọ́ọ̀pù híhó kan sí ti ẹ̀rọ mẹ́rin ló máa fún ọ ní nǹkan bíi 42. Bó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́ tí omi tutù, ó lè wálẹ̀ sí i díẹ̀, kò sì burú. Bí ìṣirò bá sú ọ, ti ìka bọ inú omi náà. Ó yẹ kó rí bí omi tí ìyá àgbà ń fi wẹ ọmọ jòjòló. Bí o bá yára fa ìka yọ, rántí pé yíìsì ò ní ibi tó máa fa ara rẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ kejì mo pe ọmọ náà sí ilé ìdáná. Mo ra irú yíìsì kan náà, mo gbé kọ́ọ̀pù mẹ́ta kalẹ̀, mo ní kó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀. Ó fi ìdajì kọ́ọ̀pù omi sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: omi fúláàsì nínú èkíní, omi tí a dà pọ̀ ní kan-sí-mẹ́rin nínú èkejì, omi ẹ̀rọ lásán nínú ẹ̀kẹta. Ó bu ṣíbí tíì ṣúgà kan àti ṣíbí tíì yíìsì kan sínú kọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan, ó rò ó, ó bò ó. Nígbà tó fi máa pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóòmù ti bo ojú èkejì, ó nípọn bí ọṣẹ tí wọ́n lù, ó sì ń gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀pù. Ẹ̀kẹta lọ́ra, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú. Èkíní dákẹ́. Ẹrẹ̀ funfun kan ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi orí rẹ̀ sì mọ́. Ọwọ́ kan náà ló rò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí o ṣe máa dán yíìsì rẹ wò kó o tó fi fúláwà ṣòfò náà nìyẹn, kọ́ọ̀pù kejì yẹn. Ohun kan ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ níbẹ̀. Bí o bá ti ń ro yíìsì, ó máa yọ fóòmù díẹ̀, òórùn búrẹ́dì á sì gbé ọ nímú, kódà bó bá ti kú. Ọwọ́ tó rò ó ló ṣe fóòmù yẹn, á sì rọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó wà láàyè, ńṣe ni fóòmù rẹ̀ ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tí o ti gbọ́wọ́ kúrò. Nítorí náà má dúró tì í nígbà tí o bá ń rò ó, padà wá wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìdánwò yìí sì ní ibi tó mọ. Ó máa sọ fún ọ pé yíìsì wà láàyè, kò ní sọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Bí mo bá ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀, mo máa ń po fúláwà díẹ̀, bí ẹ̀kún ọwọ́ kan, sínú gíláàsì, màá so rọ́bà mọ́ ibi tó dé, màá wá wò ó lẹ́yìn wákàtí kan. Bó bá ti fẹ́ di ìlọ́po méjì, ọkàn mi balẹ̀.

Yíìsì tó ti kú kí a tó rà á náà wà. Èyí tí wọ́n ń tú láti inú páálí ńlá sínú ọ̀rá kéékèèké, tí wọ́n tò sórí tábìlì nínú oòrùn lọ́jà, ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ kò ràn ọ́ lọ́wọ́ mọ́. Láti ìgbà tí atẹ́gùn àti ọ̀rinrin ti kàn án ló ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe pé ẹni tó tà á jẹ́ ọ̀bàyéjẹ́. Ṣùgbọ́n dán an wò.

N ò lè búra pé omi ló wà nídìí gbogbo fúláwà tí kò wú. Pọ́fù-pọ́fù tí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń fa ẹsẹ̀, nítorí ṣúgà tó pọ̀ ń fa omi kúrò lára yíìsì. Iyọ̀ tó pọ̀ jù náà ń fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n iyọ̀ ìwọ̀nba kò pa á bí wọ́n ṣe ń sọ. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ohun tó máa wú ní wákàtí kan lè gba méjì tàbí mẹ́ta, sùúrù ló kù. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n ti pè mí sí, fúláàsì ló máa ń wà nítòsí.

Ẹ má ṣe gbọ́ràn sí ẹni tó bá sọ pé kí ẹ bu "nǹkan tí àwọn onílé búrẹ́dì ń fi sí i" sí tiyín. Ẹ bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ póótáṣíọ́ọ̀mù búrómétì ni, NAFDAC ti kà á léèwọ̀ nínú búrẹ́dì, kì í sì í jí yíìsì tó ti kú.

Fúláwà ọjọ́ ìkómọ yẹn, a ò dà á nù. Mo ní kí wọ́n ra ọ̀rá yíìsì méjì míì, mo rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò tó ìdajì kọ́ọ̀pù, mo dúró títí ó fi hó, mo sì ní kí ọmọ náà fi ọwọ́ lù ú mọ́ ọn dáadáa. Kó tó pé wákàtí kan, ó ti ń ti ìdérí. Ẹ̀gbọ́n mi mú ẹyọ kan láti inú asẹ́, ó fẹ́ ẹ, ó jẹ ẹ́, ó tún mú méjì. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àwọn àlejò tó wà nítòsí.

"Ẹ rí i báyìí? Ọwọ́ ẹ̀ ti là."