Yíyọ aṣọ aláwọ̀ ewé kúrò nínú fídíò tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba

Yíyọ aṣọ aláwọ̀ ewé ni iṣẹ́ tí olóòtú fídíò ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà láti pa aṣọ tó wà lẹ́yìn ẹni tí wọ́n yà rẹ́, kí ó lè fi àwòrán mìíràn rọ́pò rẹ̀. Petro Vlahos ló gbé ìpìlẹ̀ ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀ fún fíìmù ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí aṣọ búlúù ni wọ́n ń lò.

Ohun tí ìmọ́lẹ̀ tí kò dọ́gba ń bàjẹ́

Bí wọ́n bá sọ yàrá ilé gbígbé di ibi ìyàwòrán ní Àkúrẹ́, tí iná méjì péré sì wà níwájú, àárín aṣọ yóò mọ́lẹ̀ kedere, igun rẹ̀ yóò sì ṣókùnkùn. Ojú ènìyàn lè má fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń rí i. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́ta, pupa (R), ewé (G) àti búlúù (B), láti 0 dé 255. Sọ́fítíwià á yọ èyí tó tóbi nínú pupa àti búlúù kúrò lára ewé. Ohun tó bá ṣẹ́kù ló fi ń mọ bí aṣọ ṣe pọ̀ tó níbẹ̀.

Ká ní àárín aṣọ jẹ́ 60, 170, 70, igun òsì sì jẹ́ 25, 75, 30. Ìyàtọ̀ jẹ́ 100 ní àárín, ó sì jẹ́ 45 péré ní igun. Bí a bá fi àárín ṣe òṣùwọ̀n, báyìí ni a ó ṣe ṣírò ohun tó yẹ kó kù:

```
a = max(0, min(1, 1 - (G - max(R,B)) / 100))
```

Níbi tí `a` bá jẹ́ 0, aṣọ ti lọ pátápátá. Níbi tó bá jẹ́ 1, ènìyàn dúró digbí. Igun yẹn yóò fún wa ní 0.55, ìyẹn ni pé eruku ewé yóò bo ìdajì àwòrán tuntun níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ olóòtú á wá fi 45 rọ́pò 100 kí igun lè mọ́. Igun yóò mọ́ lóòótọ́, àmọ́ irun orí ni yóò san gbèsè rẹ̀. Píksẹ́lì tó jẹ́ ìdajì irun dúdú, ìdajì aṣọ ní àárín ní ìyàtọ̀ bí 52. Ní òṣùwọ̀n 100 yóò kù ní nǹkan bí ìdajì, bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ní 45 yóò parẹ́. Ẹni tó bá rí orí tó dà bí èyí tí wọ́n fi sáàsì gé ti mọ ibi tí ìṣòro ti wá.

Mímú aṣọ dọ́gba kí a tó yọ ọ́

Ọ̀nà tó dára jù ni kí a tún aṣọ fúnra rẹ̀ ṣe. Kí ẹni tí a ń yà tó wọlé, kí wọ́n ya aṣọ nìkan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láì gbé kámẹ́rà tàbí iná kúrò. Àwòrán òfìfo yìí, tí a pè ní P, ni a ó fi pín fídíò (F):

```
F * (60,170,70) / P
```

Igun òsì á di 60, 170, 70 gan-an, òṣùwọ̀n 100 á sì tó fún gbogbo aṣọ. Irun tó wà ní igun náà kò ní sọnù. Ẹ̀dà tí a pín yìí wà fún ìṣirò `a` nìkan. Àwọ̀ ènìyàn gbọ́dọ̀ wá láti inú fídíò àkọ́kọ́, torí pé ìpín náà ń yí àwọ̀ ara padà ní igun.

Bí wọn kò bá ya òfìfo, a lè ti inú fídíò fúnra rẹ̀ rí i. Nínú sọ́fítíwià Fusion, irinṣẹ́ `Clean Plate` máa ń mú kìkì ewé, á fẹ̀ ẹ́ láti etí wá, á sì fi dí ihò tí ènìyàn wà, kí `Delta Keyer`, irinṣẹ́ tó ń yọ aṣọ, tó lò ó. `IBKColour` ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú sọ́fítíwià Nuke. Èyí wúlò jù níbi tí oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, torí pé bí ìkuukùu bá ṣe ń kọjá ni ìmọ́lẹ̀ ń yí padà, òfìfo kan ṣoṣo kò sì lè bá gbogbo rẹ̀ mu.

Ibi tó mọ

Ìpín kò lè dá ohun tí kámẹ́rà kò rí padà. Bí ewé igun bá jẹ́ 20, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́jọ àti ààbọ̀, gbogbo ariwo àwòrán inú rẹ̀ á sì pọ̀ bákan náà. A ó rí i bí hóró kéékèèké tó ń jó nígbà tí fídíò bá ń lọ. Dídín ariwo kù lórí ẹ̀dà ìṣirò nìkan lè ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Níbi tí ènìyàn kò dé rárá, kí a gé igun náà dànù pẹ̀lú ọwọ́.

Ewé tó tàn sí ọrùn àti etí gèlè ni a ń mú kúrò gbẹ̀yìn:

```
G = min(G, max(R,B))
```

Bí gèlè fúnra rẹ̀ bá jẹ́ aláwọ̀ ewé, ìlà yìí á ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́, ìṣirò `a` pẹ̀lú á sì lu ihò sí i. Aṣọ búlúù ni kí wọ́n ta sẹ́yìn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.